Wáífáì ń kú ní yàrá ẹ̀yìn, íápíìsì Bùlútúùtù ń gé orin: ẹ ṣe èyí kí ẹ tó ra ráútà tuntun

Ilé yòówù tí wọ́n bá pè mí sí láti wo Wáífáì, ọ̀rọ̀ kan náà ni mo máa ń bá níbẹ̀. Ní pálọ̀, níwájú ráútà, gbogbo nǹkan ń sáré. Ẹ wọ yàrá tó kángun sẹ́yìn, fídíò á dúró, ìpè á máa já, fóònù á sì ṣì máa fi ìlà Wáífáì méjì hàn bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Àwọn mìíràn á fi kún un pé íápíìsì Bùlútúùtù àwọn máa ń gé orin wẹ́lẹwẹ̀lẹ nígbà tí fóònù bá ń wa fáìlì ńlá sílẹ̀. Èyí tó ń dùn mí jù ni ti àwọn tó ti náwó sí ráútà tuntun, tí wọ́n kọ 6 gàdàgbà sára páálí rẹ̀, tí yàrá ẹ̀yìn sì wà bó ṣe wà.

Iṣẹ́ kan ṣoṣo la fẹ́ ṣe níbí: kí Wáífáì dúró ṣinṣin ní yàrá tó jìnnà sí ráútà, kí íápíìsì má sì gé orin mọ́, pẹ̀lú ohun tí ẹ ti ní lọ́wọ́. Ẹ ya wákàtí méjì sọ́tọ̀. Ẹ tẹ̀ lé ìgbésẹ̀ náà bí wọ́n ṣe tò tẹ̀ léra, torí pé ẹni tó bá fo ìwọ̀n ìbẹ̀rẹ̀ kò ní mọ èyí tó ràn án lọ́wọ́ nígbà tó bá parí.

Ohun tí ẹ nílò

- Fóònù tàbí láàpútọ́ọ̀pù tí ẹ ń lò gan-an ní yàrá tó ń yọ yín lẹ́nu. Ẹ má fi ti ẹlòmíràn wọ̀n ọ́n.
- Áàpù tó ń ka agbára Wáífáì ní `dBm`. Ó pọ̀ fún fóònù Áńdíróìdì. Tó bá jẹ́ Áífóònù lẹ ní, ẹ lo láàpútọ́ọ̀pù fún apá yìí.
- Àdírẹ́sì ráútà àti páswọ́ọ̀dù tí wọ́n fi ń wọ inú ètò rẹ̀. Wọ́n sábà máa ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìdí ráútà. Àdírẹ́sì náà lè jẹ́ `192.168.1.1` tàbí `192.168.0.1`.
- Bébà àti bíírò. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé orí.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ mọ ìran Wáífáì tí ẹ̀rọ yín ń lò lọ́wọ́lọ́wọ́

Ohun tó wà lára páálí yàtọ̀ sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lójú afẹ́fẹ́. Bí ẹni méjì bá pàdé, èdè tí àwọn méjèèjì gbọ́ ni wọ́n máa sọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ráútà àti fóònù. Tí ráútà bá jẹ́ Wáífáì 6, tí fóònù sì jẹ́ Wáífáì 5, Wáífáì 5 ni wọ́n máa fi bára wọn sọ̀rọ̀.

Lórí láàpútọ́ọ̀pù Wíńdòòsì, ẹ ṣí ojú ìwé àṣẹ, ìyẹn `Command Prompt`, kí ẹ tẹ èyí:

```
netsh wlan show interfaces
```

Ẹ wá ìlà mẹ́ta: `Radio type`, `Channel` àti `Receive rate (Mbps)`. Ìlà àkọ́kọ́ ló ń sọ ìran: `802.11n` ni Wáífáì 4, `802.11ac` ni Wáífáì 5, `802.11ax` ni Wáífáì 6, `802.11be` sì ni Wáífáì 7. Ìlà kejì ń sọ ìkànnì. Tí nọ́ńbà rẹ̀ bá wà láàrin 1 sí 13, ìgbì `2.4GHz` lẹ wà. Tó bá jẹ́ 36 sókè, `5GHz` ni lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ. Ìlà kẹta ń sọ eré tí ẹ̀rọ yín fi ń gba ọ̀rọ̀ lọ́dọ̀ ráútà. Lórí Máàkì, ẹ tẹ `Option` mọ́lẹ̀ kí ẹ tó tẹ àwòrán Wáífáì lókè, gbogbo rẹ̀ á jáde síbẹ̀.

Ibí ni ọ̀pọ̀ ti máa ń ṣìnà: Wáífáì 5 kò sí lórí ìgbì `2.4GHz` rárá. Ìgbì 5 nìkan ni wọ́n ṣe é fún. Nítorí náà, ráútà tí wọ́n pè ní Wáífáì 5 ń sọ Wáífáì 4, èyí tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2009, lórí ìgbì 2.4. Nígbà tí fóònù yín bá jìnnà tó sì sá lọ sórí ìgbì 2.4, ẹ ti padà sí ìran àtijọ́ láìmọ̀. Wáífáì 6 ló tún ìgbì méjèèjì ṣe.

Ẹ ṣọ́ra fún nọ́ńbà ńlá ara páálí pẹ̀lú. Wọ́n máa ń kọ `AX3000` sára ráútà kan. Àpapọ̀ ni: bíi 574 lórí ìgbì 2.4 àti 2402 lórí ìgbì 5. Kò sí fóònù tó máa rí àpapọ̀ náà gbà lẹ́ẹ̀kan lọ́dọ̀ ráútà bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ fóònù Wáífáì 6 kì í ju 1201 `Mbps` lọ lórí ìgbì 5, níbi tí ìkànnì bá fẹ̀ tó 80 mẹ́gáháàtì, ohun tó sì máa dé ọwọ́ yín gan-an kì í sábà ju ìdajì sí ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* lórí bébà yín, ó yẹ kí ìran, ìkànnì àti `Receive rate` ti wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì: ti pálọ̀ àti ti yàrá. Tí ìkànnì méjèèjì bá yàtọ̀, ẹ ti rí i pé ẹ̀rọ yín ń pààrọ̀ ìgbì bí ẹ ṣe ń rìn.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ wọn agbára ìgbì, kí ẹ sì wọn ìjákulẹ̀

Ìlà mẹ́rin tí fóònù ń yà lókè kò tó nǹkan. `dBm` ni kí ẹ kà. Nọ́ńbà òdì ni, èyí tó bá sún mọ́ òdo ló lágbára jù: -45 sàn ju -70 lọ dáadáa. Tó bá fi 3 wálẹ̀, agbára ti dín sí ìdajì. Tó bá fi 10 wálẹ̀, ó ti kù sí ìdá kan nínú mẹ́wàá. Láti -67 sókè, ìpè fídíò á lọ geere. Ní àyíká -75, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọsẹ̀. Tó bá ti kọjá -80, kí ẹ máa retí pé ó máa já.

Ẹ dúró tàbí kí ẹ sùn síbi tí ẹ ti ń lo fóònù. Ẹ mú un dání bí ẹ ṣe máa ń mú un. Ẹ jẹ́ kí nọ́ńbà náà farabalẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú ààyá 30, torí pé ó máa ń jó sókè sódò, lẹ́yìn náà ni kí ẹ kọ àárín rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ ṣe ti ìgbì 2.4, kí ẹ ṣe ti 5 lọ́tọ̀.

Lẹ́yìn èyí ni ìdánwò tí mo fẹ́ràn jù:

```
ping -n 50 192.168.1.1
```

Ẹ fi àdírẹ́sì ráútà tiyín rọ́pò rẹ̀. Lórí Máàkì, inú `Terminal` ni ẹ ti máa tẹ̀ ẹ́, `-c` ni ẹ sì máa fi sípò `-n`. Àṣẹ yìí ń ju ọ̀rọ̀ kékeré 50 sí ráútà, ó sì ń ka iye tó dáhùn àti bó ṣe pẹ́ tó. Ráútà nìkan la bá sọ̀rọ̀, a kò jáde síta. Ìdí nìyí tí mi ò fi ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ojúlé wẹ́ẹ̀bù tí wọ́n fi ń wọn eré íńtánẹ́ẹ̀tì: wọ́n ń wọn ilé iṣẹ́ tó ń fún yín ní íńtánẹ́ẹ̀tì pọ̀ mọ́ Wáífáì ilé yín, ẹ kò sì ní mọ ẹni tó jẹ̀bi. Tí `ping` sí ráútà bá dára ní yàrá, àmọ́ tí íńtánẹ́ẹ̀tì ń lọ́ra, Wáífáì kọ́ ló fà á. Ẹ má fìyà jẹ ráútà.

Ẹ jẹ́ kí n mú ilé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ṣe àpẹẹrẹ, torí gbogbo àléébù ló pé síbẹ̀. Ráútà Wáífáì 5 ni wọ́n ní, ó wà ní pálọ̀, lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n. Láàárín rẹ̀ àti bẹ́ẹ̀dì wọn, ògiri búlọ́ọ̀kù méjì ló wà, pẹ̀lú kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ tí dígí ńlá wà lára rẹ̀. Ní pálọ̀, ìgbì 5 jẹ́ -41, `Receive rate` sì jẹ́ 866. Lórí bẹ́ẹ̀dì, ìgbì 5 jẹ́ -77, `Receive rate` ti já sí 117. Ìgbì 2.4 níbẹ̀ jẹ́ -63. Nínú `ping` 50 lórí ìgbì 5, mẹ́rin kò padà wá rárá, àwọn kan sì pẹ́ ju 300 `ms` lọ.

Ẹ wo -77 àti -63 yẹn dáadáa. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 14. Bí kò tilẹ̀ sí ògiri kankan, ìgbì 5 máa ń pàdánù nǹkan bíi 7 ju ìgbì 2.4 lọ ní ọ̀nà jíjìn kan náà, torí pé ó kúrú jù. Ògiri àti dígí ló gba ìyókù. Kò sí ìran Wáífáì tó lè fagi lé ìyẹn: Wáífáì 6E àti 7 tilẹ̀ fi ìgbì `6GHz` kún un, ìyẹn sì tún máa ń rẹ̀ níwájú ògiri ju 5 lọ. Ìran ń pinnu bí eré ṣe pọ̀ tó. Ìgbì ni ó ń pinnu ibi tó dé.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ ní nọ́ńbà `dBm` méjì fún yàrá, àti iye ọ̀rọ̀ tó sọnù nínú 50. Ẹ fi wọ́n pamọ́. A máa padà sí wọn.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ gbé ráútà kúrò níbi tó wà

Ẹ ṣe èyí kí ẹ tó fọwọ́ kan ètò kankan. Kò sí bọ́tìnnì kankan nínú ráútà tó ń ṣe iṣẹ́ tó tó èyí.

Ibi tí ráútà kì í fẹ́: lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n, nílẹ̀, nínú kọ́bọ́ọ̀dù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fíríìjì tàbí ohunkóhun tó jẹ́ irin gbàràgàdà. Irin ń dá ìgbì padà. Ẹ gbé e sókè, bíi mítà kan ààbọ̀ sílẹ̀, níbi tí ojú rẹ̀ ti lè rí ọ̀nà àbákọjá tàbí ẹnu ọ̀nà tó lọ sí yàrá. Tí áńténà bá wà lára rẹ̀, ẹ nà wọ́n ró gbọọrọ fún ilé tí kò ní òkè. Ẹ̀gbẹ́ áńténà ni ìgbì ń gbà jáde, kì í gba orí rẹ̀. Ẹni tó bá na orí áńténà sí yàrá bí ìbọn, ibi tó rẹ̀ jù lára rẹ̀ ló kọ sí yàrá yẹn.

Nǹkan kan wà tí ènìyàn kì í rò. Ìgbì tó bá gba ògiri kọjá ní ìdábùú ń pàdé ògiri tó nípọn jù. Ògiri tó nípọn ní 20 sẹ̀ǹtímítà ń di 28 fún ìgbì tó bá fi igun 45 gbà á kọjá. Nígbà míràn, mítà méjì sí ẹ̀gbẹ́ ti tó láti sọ ìdábùú di tààrà.

Ẹ yọ dísíìkì tàbí ohun èlò `USB 3` kúrò nídìí ráútà pẹ̀lú. Wáyà irú rẹ̀ máa ń tú ariwo jáde sórí ìgbì 2.4 gan-an, ó ń ba Wáífáì àti Bùlútúùtù jẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ti rí i tí máòsì Bùlútúùtù ń fò káàkiri ojú kọ̀ǹpútà nítorí dísíìkì kan tó wà ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá sí i.

Nílé ẹ̀gbọ́n mi, a gbé ráútà kúrò lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n lọ sórí ṣẹ́ẹ̀fù tó wà lẹ́nu ọ̀nà àbákọjá. Mítà méjì péré ni. Lórí bẹ́ẹ̀dì, ìgbì 5 kúrò ní -77 bọ́ sí -69, ìgbì 2.4 kúrò ní -63 bọ́ sí -55. 8 ni wọ́n fi sókè, ìyẹn ni pé agbára tó dé bẹ́ẹ̀dì ti di ìlọ́po mẹ́fà. A kò tíì ra nǹkan kan.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ tún un wọ̀n níbi kan náà. Tí kò bá fi ó kéré tán 3 sókè, ẹ gbìyànjú ibòmíràn. Ẹ gbìyànjú ibi mẹ́ta kí ẹ tó yan ọ̀kan.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ tún ìgbì 2.4 ṣe, torí Bùlútúùtù ń gbé níbẹ̀

Ẹ fara balẹ̀ níbí, torí pé ibí ni Wáífáì àti Bùlútúùtù ti ń jà.

Ìgbì 2.4 jẹ́ ọ̀nà tóóró: láti 2400 dé 2483.5 mẹ́gáháàtì, kò ju bíi 83 lọ. Bùlútúùtù tó ń gbé orin pín in sí ihò kéékèèké 79, ó sì ń fò láti inú ọ̀kan sí òmíràn nígbà 1600 láàárín ìṣẹ́jú ààyá kan. Wáífáì ní tirẹ̀ kì í fò. Ó jókòó síbì kan, ó sì gba àyè 20 tàbí 40. Láti 2003, nígbà tí ẹ̀dà 1.2 jáde, Bùlútúùtù ti mọ bí a ṣe ń sá fún ihò tí ariwo bá wà nínú rẹ̀. Ó máa ń ṣàkíyèsí àwọn tí ọ̀rọ̀ ń sọnù nínú wọn, ó sì máa ń yẹra fún wọn.

Tí Wáífáì yín bá gba 20, Bùlútúùtù ṣì ní bíi 59 tó lè máa fò sí. Tó bá gba 40, ìdajì ọ̀nà ti lọ. Ẹ wá fi Wáífáì àwọn aládùúgbò kún un, kò ní sí ibi tó máa sá sí mọ́. Nígbà tí fóònù bá wá ń wa fáìlì ńlá sílẹ̀ lórí ìgbì 2.4, tó tún ń fi orin ránṣẹ́ sí íápíìsì lórí ìgbì kan náà, tí áńténà kan náà sì sábà máa ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì, orin ni ẹ máa gbọ́ tó ń gé.

Ẹ wọ inú ètò ráútà láti orí bíráúsà. Lábẹ́ ìgbì `2.4GHz`, ẹ wá `Channel Width`, kí ẹ yí i sí `20 MHz`. Kí ẹ má fi sí `Auto` tàbí `20/40`. Ẹ máa rí i tí `Receive rate` gíga jù lórí ìgbì yìí máa já sí bíi 144 fún Wáífáì 4. Ẹ jẹ́ kó já. Ohun tí a ń wá lórí ìgbì 2.4 ni ìdúróṣinṣin. Eré wà lórí 5.

Lẹ́yìn náà, `Channel`. Ẹ yan 1, 6 tàbí 11. Mẹ́ta yìí nìkan ni kì í gun ara wọn.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù lọ nìyí: ènìyàn á ṣí áàpù, á rí i pé kò sí ẹnikẹ́ni lórí ìkànnì 3 tàbí 4, á sì gbé tirẹ̀ síbẹ̀ pẹ̀lú ìdùnnú. Ráútà méjì tó wà lórí ìkànnì kan náà ń gbọ́ ara wọn, wọ́n sì ń gba ọ̀rọ̀ sọ ní tẹ̀léǹtẹ̀lé. Èyí tó bá wà lórí 3 ń gun 1, ó tún ń gun 6, kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ dáadáa, àwọn náà kò gbọ́ tirẹ̀. Ariwo lásán ni wọ́n jẹ́ fún ara wọn. Nínú 1, 6 àti 11, ẹ wá èyí tí aládùúgbò tó wà lórí rẹ̀ rẹ̀ jù. Tí àwọn mẹ́ta bá wà lórí 6 pẹ̀lú -60, tí méjì wà lórí 1 pẹ̀lú -70, tí ẹyọ kan sì wà lórí 11 pẹ̀lú -84, 11 ni tiyín. Bó ṣe rí nílé ẹ̀gbọ́n mi gan-an nìyẹn. `Auto` ló ti wà tẹ́lẹ̀, ó sì gba 40.

Máíkírówéfù pẹ̀lú ń ṣiṣẹ́ ní àyíká 2450 mẹ́gáháàtì, láàárín ọ̀nà yìí gan-an. Tó bá jẹ́ ìgbà tí wọ́n bá ń gbóúnjẹ gbóná nìkan ni nǹkan ń já, ẹ ti mọ̀ ọ́n. Ètò ráútà kò ní wo ìyẹn sàn, àfi kí ẹ̀rọ tó wà nítòsí rẹ̀ bọ́ sórí ìgbì 5.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ so fóònù mọ́ ìgbì 2.4, ẹ wọ íápíìsì, ẹ gbé orin sí i, kí ẹ sì máa wa fáìlì ńlá kan sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ ka iye ìgbà tí orin gé. Tó bá ṣì ń gé, ìgbésẹ̀ tó kàn ló máa parí rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ kó àwọn tó ń jẹ détà lọ sórí ìgbì 5

Nínú ètò ráútà, ẹ fún ìgbì méjèèjì ní orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, bíi `ile` àti `ile-5`. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ráútà fẹ́ kí orúkọ jẹ́ ẹyọ kan kí fóònù máa yan fúnra rẹ̀. Ó dára níbi tó bá yàn dáadáa. Àmọ́ ní ilé tí ìṣòro ti wà, mo fẹ́ mọ ibi tí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan wà. Ẹ fi fóònù, láàpútọ́ọ̀pù àti tẹlifíṣọ̀n sórí `ile-5`. Gílóòbù tó ń gbọ́ àṣẹ, kámẹ́rà kékeré àti irú wọn, 2.4 nìkan ni púpọ̀ nínú wọn gbọ́. Ẹ fi wọ́n síbẹ̀.

Bí fóònù bá ti wà lórí ìgbì 5, Wáífáì rẹ̀ àti Bùlútúùtù rẹ̀ kò sí lọ́nà kan náà mọ́. Fún íápíìsì tó ń gé orin, kò sí oògùn tó mú bí èyí.

Fún yàrá tó jìnnà, ẹ dín `Channel Width` ìgbì 5 kù láti 80 sí 40. Agbára kan náà ni ráútà ń tú jáde. Tó bá tẹ́ ẹ sórí àyè tó fẹ̀, ó máa tín-ín-rín. Tí ẹ bá sọ àyè di ìdajì, ariwo tí fóònù ń gbọ́ mọ́ ọn náà dín sí ìdajì, ẹ sì jèrè bíi 3. Ẹ máa pàdánù eré ní pálọ̀, ẹ máa jèrè ìdúróṣinṣin ní yàrá. Tó bá jẹ́ pé yàrá ti dára, ẹ fi 80 sílẹ̀.

Ẹ ṣọ́ ìkànnì 52 dé 144. Rédà ojú ọjọ́ àti irú rẹ̀ ń lo ibẹ̀, nítorí náà ráútà gbọ́dọ̀ tẹ́tí fún ó kéré tán ìṣẹ́jú kan kó tó bẹ̀rẹ̀, tó bá sì gbọ́ rédà, ó gbọ́dọ̀ kúrò lójú ẹsẹ̀. Ẹni tí Wáífáì rẹ̀ ń pòórá lójijì, tó sì ń padà wá lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láìsí ìdí, kó wo ìkànnì rẹ̀. Ẹ fi sí 36, 40, 44 tàbí 48.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ tún `ping` 50 ṣe lórí bẹ́ẹ̀dì. Nílé ẹ̀gbọ́n mi, lórí ìgbì 5 ní -69 pẹ̀lú 40, `Receive rate` di 180, kò sí ọ̀kan tó sọnù nínú 50, èyí tó pẹ́ jù sì jẹ́ 19 `ms`.

Ìgbésẹ̀ 6: Bùlútúùtù, àti ohun tí nọ́ńbà ẹ̀dà rẹ̀ kò sọ

Bí orin bá ṣì ń gé lẹ́yìn gbogbo èyí, tàbí tó ń gé kódà nígbà tí Wáífáì bá wà ní pípa, íápíìsì àti fóònù fúnra wọn ló kù láti wò.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ra íápíìsì tí wọ́n kọ 5.3 sí lára nítorí wọ́n gbọ́ pé Bùlútúùtù 5 ń dé ọ̀nà jíjìn ìlọ́po mẹ́rin, ó sì ń sáré ìlọ́po méjì. Òótọ́ ni pé ẹ̀dà 5.0, tó jáde ní 2016, mú méjèèjì wá. Ṣùgbọ́n ẹ̀ka tí wọ́n ń pè ní `LE`, tí aago ọwọ́ àti ẹ̀rọ tó ń ka ìwọ̀n ooru ń lò, ni wọ́n mú un wá fún. Kò sì lè ṣe méjèèjì pọ̀: kó tó lè jìnnà, ńṣe ló máa ń fà ọ̀rọ̀ rẹ̀ gùn, tí eré rẹ̀ á wálẹ̀ dé 125 `kb/s`. Orin inú íápíìsì lásán ṣì ń gun ọ̀nà àtijọ́, èyí tó ti wà ṣáájú `LE`. Nítorí náà, 5.3 sí 4.2, tí ẹ bá ń gbọ́ orin ní ọ̀nà àtijọ́ yẹn, ẹ má retí pé nọ́ńbà náà máa gbé yín kọjá ògiri kan sí i.

Ohun tó yí orin padà ni `LE Audio`, tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ wọlé pẹ̀lú ẹ̀dà 5.2 ní 2020. Ó ń gbé ohùn gba ẹ̀ka `LE`, pẹ̀lú ọ̀nà ìfúnpọ̀ ohùn tí wọ́n ń pè ní `LC3`, tó nílò détà tó kéré. Fóònù àti íápíìsì ni wọ́n gbọ́dọ̀ ní in, nọ́ńbà 5.2 tàbí 5.3 nìkan kò sì fi hàn pé wọ́n ní in. Ẹ wá ọ̀rọ̀ náà, `LE Audio`, lára páálí tàbí nínú ètò fóònù.

Tí ẹ bá fẹ́ mọ ẹ̀dà láàpútọ́ọ̀pù Wíńdòòsì yín, ẹ ṣí `Device Manager`, ẹ tẹ ẹ̀rọ Bùlútúùtù, kí ẹ wo `LMP` lábẹ́ `Advanced`. 8 ni 4.2, 9 ni 5.0, 11 ni 5.2, 12 ni 5.3.

Ohun méjì ló sábà ń wo orin tó ń gé sàn. Èkíní ni ara wa: omi ló pọ̀ jù nínú ara ènìyàn, omi sì ń mu ìgbì 2.4. Fóònù tó wà ní àpò ẹ̀yìn apá òsì, pẹ̀lú íápíìsì tó ń gba ìgbì ní etí ọ̀tún, ní gbogbo ìbú ara láàárín wọn. Ẹ gbé fóònù sí àpò iwájú apá kejì, kí ẹ gbọ́ ìyàtọ̀. Èkejì ni ìfúnpọ̀ ohùn. Tó bá jẹ́ `LDAC` ni fóònù Áńdíróìdì yín ń lò, ó lè máa tì détà 990 `kbps`, èyí tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún ọ̀nà Bùlútúùtù dẹ́nu. Nínú `Developer options`, ẹ yí ìpele rẹ̀ sí 660 tàbí 330. Etí púpọ̀ kò ní mọ ìyàtọ̀, àmọ́ gbogbo etí ló mọ orin tó gé.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ fi fóònù sílẹ̀ lórí tábìlì, ẹ wọ íápíìsì, ẹ rìn lọ títí orin á fi gé. Nínú yàrá kan náà tí ojú rí ojú, ó yẹ kó dé mítà 10. Tó bá gé ní mítà mẹ́ta, tí ara yín kò dí i, tí Wáífáì sì wà ní pípa, ẹ dán íápíìsì náà wò pẹ̀lú fóònù mìíràn kí ẹ mọ èyí tó ní àrùn.

Nígbà tí ríra bá wá yẹ

Tí ìgbì 5 bá ṣì burú ju -75 lọ ní yàrá lẹ́yìn tí ẹ ti gbé ráútà síbi tó dára jù, kò sí nọ́ńbà ìran tó máa yanjú rẹ̀, kí ẹ má ra ráútà ńlá nítorí rẹ̀. Ohun tó yẹ ni ẹ̀rọ Wáífáì kejì ní yàrá tàbí lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, tí wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì so mọ́ ráútà. Èyí tí kò ní wáyà, tó kàn ń tún ìgbì sọ lórí rédíò kan ṣoṣo, máa ń pàdánù nǹkan bí ìdajì eré, torí pé ó gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ kó tó tún un sọ. Tí ẹ bá sì lò ó, ẹ gbé e sí agbedeméjì, níbi tí òun fúnra rẹ̀ ti ń gbọ́ ráútà ní -65 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Níbi tí Wáífáì ti kú, òun náà á kú síbẹ̀.

Wáífáì 6 yẹ kí ẹ rà tí ẹ̀rọ bá pọ̀ nílé tí wọ́n ń lò ó lẹ́ẹ̀kan náà, torí ó lè pín ìkànnì kan sí wẹ́wẹ́ fún ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ní àkókò kan náà, dípò kí wọ́n tò. Ẹ rí i dájú pé ó kéré tán ìdajì àwọn ẹ̀rọ yín jẹ́ `802.11ax` ní Ìgbésẹ̀ 1, kí owó náà má lọ lásán.

Ohun ìkẹyìn tí mo ṣe nílé ẹ̀gbọ́n mi ni pé mo padà ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, nígbà tí gbogbo àdúgbò ti wà lórí Wáífáì, mo sì tún `ping` 50 ṣe lórí bẹ́ẹ̀dì kan náà. Ọ̀kan sọnù. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dé, ọ̀sán gangan ni mẹ́rin sọnù. Ẹ̀yin náà, ẹ tún tiyín wọ̀n lálẹ́ kí ẹ tó ka iṣẹ́ sí èyí tó parí.